Pajápajá òru tí kò fẹ́ jáwọ́: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 56 ni mí, ẹja yíyan ni mò ń tà ní ọjà Olúwo. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí pajápajá ti ń jí mi lóru. Ẹni tó bá ti mú rí mọ̀ ọ́n. Èèyàn á ti sùn lọ fọnfọn, àfi bíi pé ẹnìkan gbá ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mú, tó ń lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á le gbagidi bí òkúta, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ á sì máa tẹ̀ sísàlẹ̀ fúnra wọn. Bí mo bá ti fa ìka ẹsẹ̀ náà sọ́dọ̀ ara mi, tí mo na orúnkún, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ló máa ń gbà, á tú. Ilẹ̀ á mọ́, ibẹ̀ á kàn máa dun mí díẹ̀ bí ẹni tó rìn jìnnà.

N kò kà á sí. Lọ́jọ́ ọjà, láti agogo márùn-ún ìdájí ni mo ti ń dúró lórí sìmẹ́ǹtì títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mi ò sì kì í mu omi tó, torí ilé ìtọ̀ ọjà kì í wù mí lọ.

Oṣù méjì sẹ́yìn, mo lọ síbi ìsìnkú kan ní Àbújá. A lo wákàtí 13 lójú ọ̀nà nígbà tí à ń bọ̀, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, mi ò rí ààyè na ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, lóru, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀. Mo ní onílé ti dé nìyẹn. Mo fa ìka ẹsẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, kò tú, ṣe ló tún ń dùn mí sí i. Mo dìde dúró, mo tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tú. Ọmọ mi obìnrin mú òrí, ó ń fi ra á, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo yẹ kí n ti rí: ẹran ẹsẹ̀ náà kò le bí òkúta lọ́tẹ̀ yìí. Ó kún ni, ó gbóná, ó ń dán. Nígbà tí mo máa wọ sálúbàtà láàárọ̀, okùn rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ òsì mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé iwájú ilé wa wá ra ẹja. Bó ṣe rí ọmọ mi tó ń ra ẹsẹ̀, ó pariwo, “Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!” Ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, nọ́ọ̀sì ní kó mú téèpù wá. Ó fi ìka wá eegun kékeré tó yọ síta lábẹ́ orúnkún, ó wọn sẹ̀ǹtímítà 10 wá sísàlẹ̀, ó wá yí téèpù ká ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ 35. Òsì jẹ́ 39. Ó bi mí bóyá mo rìnrìn àjò, bóyá wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi láìpẹ́, bóyá àyà ń dùn mí tàbí èémí ń há mi. Ó ní bó bá ju 3 lọ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, òun kì í dúró ronú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi nǹkan bí ọṣẹ tútù sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ láti itan lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó jinlẹ̀ lẹ́yìn orúnkún. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún mi níkùn, lẹ́yìn náà oògùn oníhóró fún oṣù mẹ́ta. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pa èèyàn.

Pajápajá tèmi gan-an kò tíì lọ o. Ó ṣì mú mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Tíṣà Àgbà, Ìkòròdú

Màmá, ẹ kú ewu. Ọlọ́run ṣeun.

Ọdún 68 ni mo wà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi àti iyọ̀ ara ló ń gbẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi oògùn kan kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, èyí tó ń mú mi tọ̀ lemọ́lemọ́, ni ẹsẹ̀ ti ń fà mí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ni mò ń jẹ ní alaalẹ́ kí n tó sùn, ó sì dín kù. Mo tún gbàgbọ́ pé òtútù fáànù wà níbẹ̀, torí náà mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní kí n máa lo kuníìnì ẹyọ kan lálẹ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Agbẹ̀bí Afẹ̀yìntì, Àgbádárìgì

Bàbá, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ẹ dá kuníìnì yẹn dúró lálẹ́ òní. Lóòótọ́ ni pé àwọn èèyàn ń lò ó fún pajápajá láyé àtijọ́, ó sì máa ń dín in kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè da lílù ọkàn rú, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya láìdúró. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ gidi lórí èyí lọ́dún 2010. Nítorí ẹsẹ̀ tó ń tú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò yẹ ká fi ọkàn ta tẹ́tẹ́.

Nípa oògùn tó ń mú yín tọ̀, ojú yín ríran níbẹ̀. Ó lè kó iyọ̀ ara jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní potásíọ̀mù. Àmọ́ ẹ má fúnra yín dá a dúró. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín wò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáa fún ẹlòmíì, àmọ́ bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, iyọ̀ kan náà yẹn lè pọ̀ jù lára. Ti òtútù, n kò lè jà yín níyàn. Ìbọ̀sẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: lára ọ̀pọ̀ èèyàn, a kì í rí ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fi ń ran àwọn èèyàn mi lọ́wọ́ ni ìnara. Bí èèyàn bá sùn, ẹsẹ̀ máa ń nà sísàlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á ti ká jọ tẹ́lẹ̀. Bó bá tún ká díẹ̀ sí i, ó di kókó. Torí náà ẹ kọ́kọ́ nà án kí ẹ tó sùn. Ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà gbọọrọ, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Gìgísẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà: bó bá ti gbéra, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ wá rọra tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ẹsẹ̀ pé ó ń fà, kò gbọdọ̀ ro yín. Ẹ kà á dé 10, ẹ sinmi, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì. Alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má retí pé alẹ́ méjì á tó. Ẹ má sì ki aṣọ ìbora mọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀.

Ọlọ́kadà Ìgbógbó, Ìkòròdú

Tèmi máa ń ṣe mí bí mo bá jókòó pẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ẹsẹ̀ á kú, á wá máa ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ni. Ṣé kí n lọ wọn téèpù ni?

Agbẹ̀bí Afẹ̀yìntì, Àgbádárìgì

Àbúrò, orúkọ kan náà là ń pè wọ́n, àmọ́ tìrẹ yàtọ̀. Ìjókòó ló tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó o bá jókòó lé e nìkan ni, máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru láìjókòó lé nǹkan kan, lọ yẹ ṣúgà wò.

Ìyàwó Kékeré, Àgbádárìgì

Ẹ kú alẹ́ mà. Oyún mi pé oṣù méje, ó ń mú mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ló ń mu eegun mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra magínísíọ̀mù.

Agbẹ̀bí Afẹ̀yìntì, Àgbádárìgì

Ọmọ mi, ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aboyún. Ìnara ògiri yẹn kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan, di ògiri mú dáadáa. Ti magínísíọ̀mù, àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe lórí aboyún kò sọ ohùn kan náà, béèrè ní kílíníkì kó o tó náwó. Lára àgbàlagbà, kò jọ pé ó ń ṣe nǹkan gidi. Ohun tí mo fẹ́ kó o máa ṣọ́ ni ẹsẹ̀ ẹyọ kan tó wú ju èkejì lọ. Wíwú méjèèjì nírọ̀lẹ́ wọ́pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Ẹyọ kan ni n kì í fi ṣeré, torí ẹ̀jẹ̀ tètè ń dì nínú oyún àti ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ.

Ọmọ Bàbá Apẹja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin màmá, bàbá mi ni mo fẹ́ béèrè fún. Bó bá ń rìn lọ sétí ọ̀sà, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á dùn ún, á dúró, á tún lọ. Lóru, ó máa ń fi ẹsẹ̀ òsì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ìgbà yẹn ló ń rọ òun lọ́rùn. A ń pè é ní pajápajá láti ọdún tó kọjá.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ṣé ó wú bíi tèmi?

Ọmọ Bàbá Apẹja, Ẹ̀pẹ́

Rárá mà, ó tilẹ̀ tín-ín-rín.

Agbẹ̀bí Afẹ̀yìntì, Àgbádárìgì

Ṣé bàbá ń mu sìgá? Fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ kan ẹsẹ̀ méjèèjì, èwo ló tutù? Wo àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Bàbá Apẹja, Ẹ̀pẹ́

Ó mu ún fún ọdún 30, ó ti fi sílẹ̀. Òsì ló tutù. Egbò kékeré kan wà lórí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò jinná láti nǹkan bí oṣù kan. Òun kò sọ fún wa.

Agbẹ̀bí Afẹ̀yìntì, Àgbádárìgì

Èyí kì í ṣe pajápajá. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà débẹ̀, ìyẹn ló fi ń fi ẹsẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀ kó lè ṣàn wá. Ẹ má fi omi gbóná tẹ̀ ẹ́, kò ní mọ̀ ọ́n bó bá ń jó. Ilé ìwòsàn ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé.

Tíṣà Àgbà, Ìkòròdú

Mo ti da kuníìnì tó kù nù. Mo wọn ẹsẹ̀: 36 àti 36. Mo ṣì ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi títí wọn yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ọmọ Bàbá Apẹja, Ẹ̀pẹ́

A ti wà níbí láti agogo mẹ́fà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sí bàbá lápá, wọ́n tún wá dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Dókítà kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, ó wò wọ́n, ó ní kí bàbá sùn padà kí òun tún ti ẹsẹ̀ wọ̀n.