Kí ni kí n dà mọ́ òjé kí lẹ́tà ìtẹ̀wé mi lè le?

Mo fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí Gutenberg, ní ìlú Mainz, ṣe tẹ nǹkan bí 180 ẹ̀dà Bíbélì ní nǹkan bí ọdún 1455, nígbà tí adàwékọ ṣì ń fọwọ́ kọ ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo yọ́ òjé nìkan sínú àwòdà bàbà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tutù ni lẹ́tà náà ń súnkì, etí rẹ̀ kò mú, ó sì ń tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Mo fi kún iná, mo tún dín in kù, kò yàtọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn òǹtẹ̀wé máa ń da tánńganran àti áńtímónì mọ́ ọn. Nínú kílò kan, báwo ni kí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó, èwo ni kí n sì kọ́kọ́ yọ́?