"Ìdìmú", "ìdúró", "síwájú": ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù

Ọmọ Atúmọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù. Mo pe bí ọwọ́ ṣe ń mú ọ̀pá ní "ìdìmú", mo pe bí ẹsẹ̀ ṣe ń fẹ̀ síra ní "ìdúró", mo sì kọ ọ́ nípa díráífà, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, pé: "Tó bá jẹ́ díráífà, gbé bọ́ọ̀lù síwájú ju ti ọ̀pá onírin lọ." Ṣé yóò yé ọmọdé?

Kádì Àtijọ́
"Síwájú" yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò. Ó ti kó bá mi rí. Iṣẹ́ kádì ni mò ń ṣe nígbà náà, ọ̀gá kan tí mo ń gbé àpò ọ̀pá fún sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé bọ́ọ̀lù síwájú díẹ̀." Wọ́n fi ọ̀pá ti bọ́ọ̀lù jìnnà sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wá ń nàgà bá a títí gìgísẹ̀ wọn fi fẹ́ gbéra nílẹ̀. Etí ọ̀pá ló kan bọ́ọ̀lù, ó sì yà wọ igbó lápá ọ̀tún. Ẹ̀bi èmi ni. Ibi tí ojú ẹni ń wò ni Yorùbá ń pè ní iwájú, ẹni tó bá sì fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ sí àsíá tó wà níbi ihò.

Láti ọjọ́ náà, "ẹsẹ̀ àsíá" ni mò ń sọ. Òun ni ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ibi tí a ń gbá bọ́ọ̀lù lọ: òsì ni fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀tún ni fún ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ kọ ọ́ pé "sún bọ́ọ̀lù sí ìhà ẹsẹ̀ àsíá." Kò sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọlọ́dún Kan
"Ẹsẹ̀ àsíá" dára, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi "ìdìmú" sílẹ̀. Bí ẹni di ọkọ́ mú ni wọ́n ṣe kọ́ mi: ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, kí ó dúró gbọn-in. Bí mo bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, mo máa ń dì í gan-an ni. Tó bá sì jẹ́ ọ̀pá onírin, àárín ẹsẹ̀ méjèèjì gẹ́lẹ́ ni bọ́ọ̀lù ń wà, èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́.

Ìyá Olùkọ́
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ gan-an ni ẹ̀rí tí mo ní lòdì sí "ìdìmú". Nínú "dì" ni a ti rí "dì í mọ́ra", "dì í ní okùn". Ó ti ní líle nínú kí ẹnikẹ́ni tó fi kún un. Ọmọ tó bá kà á yóò há ọ̀pá mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, Bàbá Kádì? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, "ìfìkamú" ni mo dábàá.

Aláwọ̀ Rọ́bà
Mo rò pé rọ́bà tó wà lórí ọ̀pá ni ẹ ń sọ o. Tèmi ti gbó, ó ń dán bí ìdí ìkòkò, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ mi tí mo bá ti làágùn. Gbogbo bí mo ṣe ń fún un tó, kò dúró. Nígbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀ ni apá mi tó sinmi. "Ìdìmú" ni èmi náà ń pè é.

Ìyá Olùkọ́
Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ru ẹrù méjì? Ibi tí ọwọ́ ń mú lára idà ní orúkọ tipẹ́: èèkù. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà náà máa jẹ́ èèkù ọ̀pá.

Kádì Àtijọ́
Mo fara mọ́ "èèkù", màmá, mo sì fara mọ́ "ìfìkamú" tọkàntọkàn, torí ìka ló ń mú ọ̀pá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ṣàlàyé. Ẹ na ọwọ́ òsì, kí ẹ gbé èèkù lé orí ìka, kó dábùú láti ìdí ọmọńdinrín lọ sí agbedeméjì ìka ìlábẹ̀. Ẹ wá pa ọwọ́ dé. Tí ẹ bá wolẹ̀, ó kéré tán oríkèé ìka méjì ló yẹ kí ẹ rí lẹ́yìn ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún á wá sábẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bo àtàǹpàkò òsì. Àwọn kan ń gbé ọmọńdinrín ọ̀tún lé ìlábẹ̀ òsì, àwọn mìíràn ń kọ́ méjèèjì wọnú ara wọn. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ lò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin náà sọ òótọ́ díẹ̀: ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n mímú gan-an kì í jẹ́ kó lọ jìnnà. Bí apá bá ti le gbagidi, ọrùn ọwọ́ ò ní lè ká, ọ̀pá ò sì ní lè fì. Bí ẹni mú òròmọdìẹ ni kí ẹ mú un: kó má bọ́, kó má sì kú. Ẹ wo ìbọ̀wọ́ yín. Bí ó bá ń ya ní ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pá ń yí sí, ìka kọ́ ló mú un.

Ọmọ Atúmọ̀
Ẹ ṣé gan-an. "Ìdúró" ńkọ́?

Kádì Àtijọ́
"Ìdúró" ni gbogbo ara: eékún, ẹ̀yìn, orí. Fífẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan, "ìyasẹ̀" ni kí ẹ pè é. Mo máa ń fi kọ́ ọmọdé báyìí. Pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí bọ́ọ̀lù wà ní ọ̀gangan àárín wọn. Tó bá jẹ́ ọ̀pá onírin nọ́ńbà 9, ya ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà: bọ́ọ̀lù á wà láàárín. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 7, ya ẹsẹ̀ àsíá díẹ̀, kí o ya ìkejì jù ú lọ díẹ̀. Bọ́ọ̀lù á ti sún sí ìhà àsíá bíi ìwọ̀n bọ́ọ̀lù kan. Torí náà, "àárín gẹ́lẹ́" kì í ṣe ti gbogbo onírin. Tó bá wá jẹ́ díráífà, ẹsẹ̀ àsíá kàn máa yẹ̀ fẹ́ẹ́ ni, ẹsẹ̀ kejì ni yóò gbé ìgbésẹ̀ ńlá, títí àlàfo àárín gìgísẹ̀ méjèèjì yóò fi fẹ̀ tó èjìká. Bọ́ọ̀lù á wà ní ọ̀gangan inú gìgísẹ̀ àsíá. Má yà á yàkàtà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbàdí ò ní lè yí.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pá ń fì bíi jangirọ́fà, ibì kan sì wà tó ti ń sún mọ́ ilẹ̀ jù. Orí ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù onírin wà: ọ̀pá gbọ́dọ̀ kàn án kó tó débẹ̀, kó wá bu koríko lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti lọ. Orí èèkàn kékeré tí a gún mọ́lẹ̀ ni ti díráífà wà, ìdajì bọ́ọ̀lù sì yọ lókè orí ọ̀pá. Ìgbà tí ọ̀pá bá ti kúrò nísàlẹ̀, tó ń gòkè bọ̀, ló yẹ kó kàn án.

Lásìkò ọyẹ́ tí ilẹ̀ le bí àpáta, fi ẹfun fa ìlà tó dábùú ọ̀nà àsíá, gbé bọ́ọ̀lù lé e, kí o gbá a pẹ̀lú nọ́ńbà 7. Bí ọ̀pá bá ha ilẹ̀ kó tó dé ìlà, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù ti sún mọ́ àsíá jù. Ní ti díráífà, wo òkè orí ọ̀pá: bí o bá rí àpá èèkàn níbẹ̀, tí bọ́ọ̀lù sì ń fò lọ sókè bí ẹyẹ, ó ṣeé ṣe kí o ti fi í sí àárín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọlọ́dún Kan
Àpá wà lórí tèmi, sà. Mo ti rò pé èèkàn ló ga jù.

Kádì Àtijọ́
Èyí náà ṣeé ṣe. Sún bọ́ọ̀lù ná, má tí ì fọwọ́ kan èèkàn.

Ìyá Olùkọ́
"Díráífà" ló kù. Ọmọdé tó ń gbọ́ "dírẹ́bà" ní gáréèjì lójoojúmọ́ yóò rò pé awakọ̀ ni. "Ọ̀pá àkọ́gbá" ńkọ́, nígbà tó jẹ́ òun ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀?

Kádì Àtijọ́
Níbi tí ihò kò bá jìnnà, onírin ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, màmá. Kò sì sí kádì kan tí yóò dá yín lóhùn tí ẹ bá ní kó mú ọ̀pá àkọ́gbá wá.

Ọmọ Atúmọ̀
Mo ti tún un kọ: "Fi ìka mú èèkù. Bí o bá mú díráífà, ya ẹsẹ̀ tó èjìká, kí bọ́ọ̀lù wà ní ọ̀gangan inú gìgísẹ̀ àsíá." Mo fi "díráífà" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí kádì yóò gbà, mi ò tí ì gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé.