Wọ́n ti àkáǹtì tẹ́tẹ́ mi pa, owó mi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkànní: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé tẹ́tẹ́ orí ayélujára tí mo ti ń ta láti ọdún mẹ́ta ti ti àkáǹtì mi pa. Mo jẹ ní Sátidé, 640 ló wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n sanwó fún mi, ohun tí wọ́n kọ sí mi ni "àkáǹtì yín wà lábẹ́ àyẹ̀wò". Ẹni tó ń dá mi lóhùn nínú áàpù wọn kí mi káàárọ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò padà wá mọ́. Àwọn yìí kan náà ló ń kí mi ní ọjọ́ ìbí mi o! Ìyàwó mi ò gbà pé mo jẹ, ó rò pé mo ti ná owó náà ni. Báwo ni mo ṣe máa gbà á?

Fèyí: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pọ owó gbé tèmi mì, kò pọ ohunkóhun. Mo fẹjọ́ sun báńkì, wọ́n dá a padà lọ́jọ́ karùn-ún. Ẹ mú sùúrù.

Ìyá Bùkọ́lá: Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ ká sọ fún un? Ẹ fún ìyàwó yín ní owó ọjà kẹ́ ẹ tó wá síbí.

Dáúdà: Àkànní, dá mi lóhùn kí n tó sọ ohunkóhun. Ṣé o ti bá báńkì rẹ sọ ohun kan nípa owó tí o fi sí àkáǹtì yẹn, láàárín oṣù kan sí ìsinsìnyí?

Àkànní: Ìyá Bùkọ́lá, mo ń fún un ní owó ọjà o. Eré ìdárayá lásán ni fún mi, n kì í ta ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ.

Sùlè: Má bá wọn jà. Lọ sí báńkì kí wọ́n ṣe ṣáájìbáàkì, kí wọ́n bá ọ gba owó tí o fi káàdì san padà. Oníbàárà ni báńkì máa ń gbè. Ọ̀rẹ́ mi ṣe é, owó rẹ̀ wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Àkànní: Sùlè, ohun tí mo ti ṣe nìyẹn! Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, áàpù wọn dì pa nígbà tí mo ń ta, mo pàdánù 100 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sọ fún báńkì, wọ́n ti dá 300 padà fún mi. Ìyẹn ti parí. 640 yìí lọ̀tọ̀.

Dáúdà: Kò lọ́tọ̀, àbúrò. Ìyẹn gan-an ló ti àkáǹtì náà pa. Nígbà tí o ń fẹjọ́ sun, ìdí wo lo mú nínú èyí tí wọ́n tò síwájú rẹ?

Àkànní: "N kò mọ ìsanwó yìí." Àwọn ìdí yòókù ń béèrè ìwé àti ẹ̀rí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí pé áàpù dì pa? Ṣebí owó mi ni.

Dáúdà: Háà. Mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dá irú ẹjọ́ yìí lóhùn fún ilé tẹ́tẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kó o jọ. Ohun tí o sọ fún báńkì ni pé ẹlòmíràn ló lo káàdì rẹ. Ilé tẹ́tẹ́ ò ní bá ọ jiyàn rárá, wọ́n á kàn kó àkọsílẹ̀ síta: wọ́n wọlé sí àkáǹtì 21:04, owó wọlé 21:06, tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ 21:09, orí fóònù kan náà tí o ti ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìwé ìdánimọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ gbé sókè. Tí káàdì rẹ bá jẹ́ Visa, láti 2023 ni ìlànà kan ti wà: bí wọ́n bá fi ìsanwó méjì àtijọ́ hàn tí o kò bá wọn jà lé lórí, tó ti ju 120 ọjọ́ lọ, tó sì ti orí fóònù àti àkáǹtì kan náà wá, ẹ̀sùn "kì í ṣe èmi" kì í dúró mọ́. Ọdún mẹ́ta lo ti ń ta. Ìwọ lo fún wọn ní ẹ̀rí náà.

300 tó wọlé yẹn, báńkì fi dì ọ́ mú ni. Ilé tẹ́tẹ́ máa ń ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ láti fèsì, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá borí, báńkì á yọ ọ́ padà láìbi ọ́.

Sùlè: Ṣùgbọ́n wọn ò yọ ti ọ̀rẹ́ mi.

Dáúdà: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó bá kéré, àwọn kan kì í jà, wọ́n á jẹ́ kó lọ. Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ṣì lè wọ ibẹ̀?

Sùlè: Ó ti lọ sí ibòmíràn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́.

Dáúdà: Ẹ rí i. Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní owó ìjìyà tí ilé tẹ́tẹ́ ń san, bí wọ́n tilẹ̀ borí. Àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì sì ń ka iye rẹ̀. Tó bá pọ̀ jù sí iye ìsanwó wọn, wọ́n lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti gba káàdì rárá, pàápàá nítorí pé 7995, kóòdù tí ilé-iṣẹ́ káàdì fi ń dá ìsanwó tẹ́tẹ́ mọ̀, ti jẹ́ èyí tí wọ́n ń fura sí tẹ́lẹ̀. Oníbàárà tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbà pé yóò tún ṣe é. Títì pa ló rọrùn fún wọn.

Fèyí: Áàpù wọn dì pa ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wọn ni?

Dáúdà: Ó lè jẹ́ ẹ̀bi wọn. Ṣùgbọ́n owó tí a fi sí àkáǹtì dé ibi tó ń lọ. Ohun tí káàdì san fún ti parí níbẹ̀. Tẹ́tẹ́ tó bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ilé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ la ń bá sọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹ́tẹ́ náà, lẹ́yìn náà àjọ tó fún wọn ní ìwé àṣẹ. Bó bá jẹ́ pé owó jáde ní káàdì tí kò dé àkáǹtì, tàbí wọ́n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni ẹjọ́ báńkì.

Àkànní: Ẹ̀gbọ́n, ohun kan tún wà. Ní oṣù tó kọjá mo jẹ 210, wọ́n san án sórí káàdì yẹn gan-an. Báńkì sì ti kọ̀wé sí mi lánàá, wọ́n ní ṣé mo lè ṣàlàyé.

Dáúdà: O gba owó wọn sórí káàdì tí o ní olè ló ń lò! Dá báńkì lóhùn lónìí. Sọ pé o ti yẹ̀ ẹ́ wò, o mọ ìsanwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o fẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀sùn náà padà. Lẹ́yìn náà kọ̀wé sí ilé tẹ́tẹ́ pé o ti fà á padà, kí o so ìwé báńkì mọ́ ọn. Má pilẹ̀ ìtàn kankan.

Fèyí: Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ jìbìtì? Báńkì lè ti àkáǹtì tirẹ̀ náà pa.

Dáúdà: Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún, mo ti rí ẹni tí wọ́n gba káàdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fúnra wọn já sí ni ó burú jù.

Àkànní: Mo ti ná 300 náà. Tí mo bá dá a padà, ṣé wọ́n á san 640 mi?

Ìyá Bùkọ́lá: Kí ló tún fẹ́ ná?

Dáúdà: Wọ́n lè yọ 300 àti owó ìjìyà wọn nínú 640, kí wọ́n san ìyókù. Wọ́n sì lè mú ìlànà tí o fọwọ́ sí jáde pé gbogbo rẹ̀ ti bọ́. Ka apá tó sọ nípa ẹ̀sùn káàdì nínú ìlànà wọn kí o tó kọ̀wé.

Àkànní: Mo ti pe báńkì. Wọ́n ní ẹnu ò tó, kí n kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́, mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.