Pátákódúdú: ṣé àlàfo ló ń yí ìtumọ̀ padà?

Tíṣà Àpáta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Mo kọ "pátákódúdú" papọ̀ fún bíláàkìbọ́ọ̀dù, mo sì kọ "pátákó dúdú" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún pátákó yòówù tó bá ṣáà ti dúdú, bí Òyìnbó ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá mi fa ìlà pupa sí i, kò sì sọ ìdí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá:

Ẹ má jẹ́ kí ìlà pupa dẹ́rù bà yín, Tíṣà. Láti ìgbà tí a ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun tó bá ti jẹ́ orúkọ nǹkan kan ṣoṣo, ẹ so ó pọ̀. Ẹyẹlé, ẹranko, ìyálé, ṣé a ń já wọn sí méjì ni? Àkọtọ́ 1974 yọ "i" kúrò nínú "aiye" àti "eiye", ó tú "nigbati" sí "nígbà tí", àwa atẹ̀wé la sì jìyà àtúntò náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká tú ẹyẹlé ká. Ẹyẹ tó wà nílé ni ẹyẹ ilé, adìẹ pàápàá lè wà níbẹ̀. Ẹyẹlé ni ẹyẹlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákódúdú yín rí. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ọjẹ́:

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ọ̀rọ̀ dúdú yìí ti mú kí n pàdánù owó rí. Oníbàárà kan kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ ọṣẹ dúdú. Mo dì í fún un, ojúlówó, eérú èèpo kòkó àti àdín la fi sè é. Ó dá a padà! Ó ní ó pọ́n rúsúrúsú, òun ní dúdú. Mo ní ọmọ mi, ọṣẹ dúdú kì í dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò gbọ́. Tí ẹ bá máa so pátákó pọ̀, ẹ bá mi so ọṣẹdúdú pọ̀ náà, kí n kọ ọ́ sára páálí, kí wọ́n yé dá ọjà mi padà.

Bàbá Òkè Àdó:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yín ló sún mọ́ ọkàn ẹjọ́ náà jù, mo sì máa padà sí i.

Àbúrò mi Atẹ̀wé, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ tí ẹ ti lò nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ẹ mú wá kò gbè yín. Ẹ tún ẹyẹlé wò. Ẹyẹ ni, àti ilé. Fáwẹ̀lì "i" tó bẹ̀rẹ̀ ilé ti lọ. Ẹnu ló pa á jẹ, kì í ṣe atẹ̀wé. Ìyá tó bí mi kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ kò pe ohun tó ń fọ́n àgbàdo fún ní "ẹyẹ ilé" rí. Bí ó ti rí fún ẹranko nìyẹn, ẹran àti oko. Bí ó ti rí fún ìyálé nìyẹn, ìyá àti ilé. Ìró kọ́kọ́ ṣubú, ọ̀rọ̀ méjì di ọ̀kan lẹ́nu, àkọtọ́ wá tẹ̀lé ẹnu. Ẹ̀yin fẹ́ kí ẹnu tẹ̀lé àkọtọ́.

Pátákó àti dúdú ńkọ́? Kọ́ńsónáǹtì ni dúdú fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí fáwẹ̀lì tí yóò ṣubú láàárín wọn, kò sí ohùn tí yóò yí. Ẹ ní kí ọmọ kan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó ka "pátákódúdú" àti "pátákó dúdú" sókè. Ẹ ò ní mọ èyí tó ń kà. Ìyàtọ̀ tí etí kò gbọ́ kò tíì wọ inú èdè, orí ìwé ló dúró sí.

Òyìnbó tí Tíṣà ń wò gan-an kò fi àlàfo yà á. Ohùn ló fi ń yà á. Tó bá jẹ́ èyí tí a ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí, "bíláàkì" ni wọ́n máa ń fi agbára pè, "bọ́ọ̀dù" á sì rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ pátákó tó kàn dúdú, wọn á fún "bọ́ọ̀dù" náà ní agbára tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ háì sukúùlù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó sì jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ń rò pé ilé ìwé náà ga. Àlàfo wà níbẹ̀, ìtumọ̀ kò tú ká.

Àwa náà ní irú rẹ̀. Orí ìwé, àlàfo nìkan ló ya "ọmọdé" kúrò lára "ọmọ dé". Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ jáde: "Ọmọ́ dé láti oko." Ẹ gbọ́ bí "mọ" ṣe gòkè, nítorí pé olùwà ni ọmọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì tẹ̀lé e. Nínú "ọmọdé", àárín ni ohùn náà wà. Etí ti dá ẹjọ́ náà kí atẹ̀wé tó dé.

Wàyí o, ìyá wa. Ọṣẹ dúdú jẹ́ orúkọ kan, a sì ń kọ ọ́ ní méjì. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ ni tàbí àwọ̀, "kirikiri" ni mo máa ń fi dán an wò. Ẹ ní "ọṣẹ dúdú": ti inú igbá yín ni, kódà bó pọ́n rúsúrúsú. Ẹ ní "ọṣẹ dúdú kirikiri": ẹ ti kúrò nídìí orúkọ, ẹ ti bọ́ sídìí àwọ̀. Oníbàárà yín, kirikiri ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ́ jáde. Síso ó pọ̀ lára páálí kò lè tún ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ṣe.

Ará Bẹẹrẹ:

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà ní pírámárì, pátákó dúdú ni pátákó dúdú! Àwa ọmọ la máa ń kùn ún. Òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì la máa ń fọ́, a ó gún dúdú inú rẹ̀, a ó fi ewé gbágùúdá pa á pọ̀, a ó fi ra pátákó náà títí yóò fi dán. Kirikiri gan-an ló dúdú. Àwọn tíṣà wa tó pè é bẹ́ẹ̀ kò ṣìnà.

Àti pé tí ẹ bá ní ìró ló gbọ́dọ̀ ṣubú kí ọ̀rọ̀ tó di ọ̀kan, ẹ ṣàlàyé Ìbàdàn fún mi. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni gbogbo àgbà wí. Níbo ni "ì" ti wá?

Bàbá Òkè Àdó:

Olúbàdàn ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún: olú àti Ìbàdàn, "ì" ṣubú, ó parí. Ní 1936 ni orúkọ oyè náà rọ́pò Baálẹ̀. Ti Ẹ̀bá Ọ̀dàn, mi ò jiyàn pé àgbà wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí a bá pa "ọ̀" jẹ, Ẹ̀bádàn ló yẹ ká rí. "Ẹ̀" tó di "ì" àti "bá" tó di "bà", ìpajẹ fáwẹ̀lì nìkan kò lè ṣe wọ́n.

Ará Bẹẹrẹ:

Nítorí náà àgbà ń parọ́?

Bàbá Òkè Àdó:

Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi sí mi lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n dá Tíṣà lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó ń wá ti wà nílẹ̀: pátákó ìkọ̀wé. Àkànpọ̀ gidi wà nínú rẹ̀. "Kọ ìwé": ohùn àárín ló wà lórí kọ. Nígbà tí "ì" lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó jókòó sórí kọ, ó di "kọ̀wé". Ìtumọ̀ sì yí. Ẹni tó kọ ìwé, ìwé kan wà nílẹ̀ tí a lè nawọ́ sí. Ẹni tó ń kọ̀wé, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe, ìbáà jẹ́ orúkọ rẹ̀ lásán ló ń kọ. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló wà ní ọ́fíìsì tí kò kọ ìwé kankan rí. Ẹ rí i pé àwọn tó ṣe ọ̀rọ̀ yẹn kò wo àwọ̀ pátákó rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wò.

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá:

Bàbá, ibí yìí ni mo ti mú yín. Òǹkọ̀wé ńkọ́? Ìwé gidi ló ń kọ, èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ fún un. "Kọ̀wé" ló sì wà nínú orúkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní "òǹkọ ìwé". Àti pé nílé wa níbí, a ń sọ pé "ó kọ̀wé kan sí mi". "Kan" wà níbẹ̀, a sì lè nawọ́ sí lẹ́tà náà.

Bàbá Òkè Àdó:

Òǹkọ̀wé yẹn tẹ̀wọ̀n. Èrò mi ni pé bí a bá ti fi "òǹ-" tàbí "a-" síwájú, ìpajẹ di dandan, ìyàtọ̀ méjèèjì á sì wọnú ara wọn. "Ó kọ̀wé kan" ni kò bá etí mi mu. "Ó kọ ìwé kan sí mi" ni ìyá mi máa ń sọ. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn wa ni.

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá:

Ìyá tèmi náà bí mi sí Ìbàdàn, Bàbá, ó sì ń sọ ọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ọjẹ́:

Ṣé kí n kọ "ọṣẹ dúdú tó pọ́n" ni àbí kí n má kọ ọ́?

Tíṣà Àpáta:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin òbí mi. Mo dán ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò láàárọ̀ yìí. Ọmọ mẹ́fà ni mo ní kí wọ́n ka méjèèjì, àwọn tó kù ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí mo ṣe "ọmọdé" àti "Ọmọ́ dé láti oko", gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Mo ti yọ pátákódúdú kúrò, mo fi pátákó ìkọ̀wé sí i. Ìṣòro kan ló ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Pátákó méjì ló wà nínú kíláàsì mi. Ti ara ògiri ni a ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ, àwọ̀ ewé sì ni wọ́n kùn ún. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun, mákà la ń lò níbẹ̀. Pátákó ìkọ̀wé ni méjèèjì. Nígbà tí mo ní kí ọmọ kan lọ kọ ọ́ sí pátákó ìkọ̀wé, ó bi mí pé èwo. Mo ti ronú kan pátákó oníṣọ́ọ̀kì àti pátákó onímákà, ó ṣáà gùn lẹ́nu. Ṣé ẹ ní èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ?