Kí ni kí n sọ fún ìyá ọkọ mi kí wọ́n tó lọ dáhùn ìbéèrè físà?

Ẹ kú ilé o. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá ọkọ mi máa kúrò ní Múṣin láàárọ̀ kùtù lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Fikitóríà Áílàǹdì. Ká ní ìdánwò ọmọ ni, màá ní "Ọpọlọ ẹ á jí pépé, wàá yege." Ká ní ìrìn-àjò ni, màá ní "Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà." Ṣùgbọ́n ti físà yìí, wọ́n á kàn dúró lẹ́nu fèrèsé, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, ó parí. "Ẹ ó rí ojúure" ló ń wá sí mi lẹ́nu.

Àgbà ló sì ń súre fún ọmọdé. Ọkọ mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi Ọlọ́run ṣáájú: "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojúure, mà." Àbúrò ẹ̀ ní "Àlọ re, àbọ̀ re" ti tó. (Ìyẹn gbẹ jù létí mi.)

Èwo lẹ máa sọ? Ṣé kí n pè wọ́n lálẹ́ Sọ́ńdè, àbí kí n dé ibẹ̀ fúnra mi?