Ó le, ó gan, ó yi: èwo ló bá ibo mu lórí gíráàfù?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo ń tú ìwé ẹ̀kọ́ kan sí Yorùbá. Wọ́n fa ọ̀pá alumíníọ̀mù títí ó fi já, wọ́n ya gíráàfù rẹ̀, ipá wà lóòró, ìnà wà níbùú, wọ́n ní ká ka nǹkan mẹ́rin jáde nínú rẹ̀. Mo ti kọ "agbára" sí mẹ́ta nínú wọn, ó sì ń rú mi lójú. Orúkọ wo ni ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Olùkọ́ èdè: Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún wọn. Ìlà tó ga ṣánṣán ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pè é ní líle. Ibi tó ti kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ pè é ní ìjuwọ́sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni irin ti gbà fún ẹ̀rọ tó ń fà á.

Wẹ́dà: Mo fara mọ́ líle. Fáìlì tí mo fi ń pọ́n irin le débi pé àyùn kò ràn án. Àmọ́ ó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dá sí méjì. Ṣé ohun tó le kọ́ ló lágbára ni? Èwo gan-an ni ká máa rà fún iṣẹ́?

Ayẹ̀rinwò: Ọ̀gá wẹ́dà, fáìlì yín ló máa là á yé wa. Pé àyùn kò ràn án, líle nìyẹn, ojú irin la sì ti ń wọ̀n ọ́n nípa títẹ nǹkan bọ̀ ọ́. Kò sí lórí gíráàfù yìí rárá. Ohun tí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ń sọ ni iye ipá tí irin yóò gbà kó tó nà díẹ̀. Fáìlì àti ọ̀pá irin lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà níbẹ̀, nǹkan bí 200 GPa làwọn méjèèjì. Ẹ kọ gígan, ẹ má kọ líle.

Ẹ wo ọ̀pá alumíníọ̀mù kan tí ibi tí a sàmì sí lára rẹ̀ gùn ní 50 mm. Nígbà tí ipá lórí ìwọ̀n ojú ọ̀pá dé 140 MPa, ìnà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe gùn sí i tí a fi gígùn àkọ́kọ́ pín, jẹ́ 0.002. Ẹ fi ìnà pín ipá, ó di 70,000 MPa, ìyẹn 70 GPa. Gígan rẹ̀ nìyẹn, kò tó ìdajì ti irin.

Ní ti ìjuwọ́sílẹ̀, ìlà alumíníọ̀mù kò ní igun tí ojú lè mú, díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀. Ẹni méjì á tọ́ka sí ibi méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé rúlà sí 0.002 nísàlẹ̀, tí a ń fa ìlà kejì gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àkọ́kọ́, tí kò sún mọ́ ọn, tí kò sì jìnnà sí i. Ibi tó ti gé gíráàfù la ó kà, 276 MPa ni fún ọ̀pá yìí. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀ níbẹ̀, 0.1 mm yóò ṣẹ́kù lórí 50 mm náà títí láé.

Olùkọ́ èdè: Bí kò bá ní padà sípò mọ́, ṣé "ààlà ìpadàsípò" kò wá dáa jù?

Ayẹ̀rinwò: Mi ò gbà. A ti kọjá ààlà yẹn ká tó dé 276. Àwa la jọ fẹnu kò lórí 0.002, irin kọ́ ló yàn án. Àmọ́ ìjuwọ́sílẹ̀ náà kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn: ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ kì í jà mọ́, ọ̀pá yìí sì ń gba ipá kún ipá títí dé 310 MPa, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún lọ́rùn, ìyẹn kí ibì kan lára rẹ̀ tó tín-ín-rín.

Akẹ́kọ̀ọ́: Èmi ka 20 GPa lórí alumíníọ̀mù tèmi. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa?

Ayẹ̀rinwò: Ibo lẹ ti ka ìnà? Bó bá jẹ́ ibi tí orí ẹ̀rọ rìn dé lẹ kà, ara ẹ̀rọ náà ń nà, ẹnu tó gbá ọ̀pá mú sì ń yọ̀, ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọ̀pá lọ́rùn. Ẹ wo ìdí ìlà yín, bóyá ó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ kó tó dúró ṣánṣán. Irinṣẹ́ kékeré tí à ń há mọ́ ara ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ka ìnà, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹni tó tà á.

Olùbéèrè: Ó ku méjì. Mo kọ "ìfàgùn" fún bó ṣe nà tó kó tó já, mo sì kọ "ìfaradà" fún èkejì.

Ayẹ̀rinwò: Ìfàgùn dáa. Ẹ to àjákù méjèèjì pọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n: 50 mm ti di 57 mm, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ 50 mm náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ibi tó fún lọ́rùn nà ju ìyókù lọ. Ẹni tó sàmì sí ibi tó kúrú ju tiyín lọ yóò rí iye tó ga jù, lára ọ̀pá kan náà.

Èkejì kì í ṣe gíga, kì í ṣe gígùn. Gbogbo ààyè tó wà lábẹ́ ìlà ni, ìyẹn iṣẹ́ tó gbà láti já ọ̀pá náà. Àárín 276 àti 310 jẹ́ 293. Ẹ fi 0.14 sọ ọ́ di púpọ̀, ó tó bí 41 MJ/m³. Ó fi díẹ̀ jẹ́ àfojúdá, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Ìfaradà kò burú, àmọ́ ó lè jẹ́ ti ooru tàbí ti ìpẹta.

Wẹ́dà: Irin tó bá tẹ̀ tí kò dá, àwa máa ń ní ó yi.

Ayẹ̀rinwò: Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn! Yíyi. Ìlà fáìlì yín ga, ṣùgbọ́n kò rìn jìnnà kó tó já, ààyè abẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó le, kò yi.

Olùkọ́ èdè: Ẹ ṣọ́ra o. Bí àmì ohùn bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, "yíyi" á di "yíyí", akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé wọ́n ní kóun yí ọ̀pá.

Olùbéèrè: Màá fi àmì sí i níbi gbogbo. Gígan, ìfàgùn, yíyi, wọ́n ti wọlé. Ìjuwọ́sílẹ̀ ni mo ṣì fi pẹ́ńsù kọ, pẹ̀lú 0.002 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó fi ránṣẹ́.