Báwo lẹ ṣe ṣàlàyé kíríkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́?

Àkànjí Bìmíńhámù: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹ wá sọ tiyín. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi la jọ wo fáínà ife àgbáyé T20 tí Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà gbá ní Bàbádọ́ọ̀sì lóṣù kẹfà ọdún 2024, kò wò ó rí. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ń borí, ṣebí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń gba rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì ayò. Mo ní ohun méjì ni kó máa ṣọ́, bọ́ọ̀lù tó kù àtèèyàn tó kù. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ófà kan, ófà 20 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n lóòótọ́ àmọ́ méjì méjì ni wọ́n ń wọlé láti lu bọ́ọ̀lù, tí wọ́n bá mú ẹnì kan jáde, wíkẹ́ẹ̀tì kan lọ nìyẹn, tí wíkẹ́ẹ̀tì kẹwàá bá ti lọ, ẹni tó ṣẹ́ kù ò lè dá a lù, ó tán nìyẹn kódà kí ófà ṣì wà nílẹ̀.

Íńdíà ti lu 176, torí náà 177 ni Gúúsù Áfíríkà ń wá. Lẹ́yìn ófà 15 wọ́n ti ní 147, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin péré ló lọ. Ó ku 30 rọ́ọ̀nù nínú 30 bọ́ọ̀lù, ràn-réètì tí wọ́n nílò jẹ́ mẹ́fà lófà kan. Àbúrò ìyàwó mi ní ó ti parí, mo ní dúró ná.

Ìyá Dámi: Ẹ má bínú o, ràn-réètì yẹn, ṣé bí wọ́n ṣe ń sáré sí láàárín igi méjèèjì ni?

Àkànjí Bìmíńhámù: Rárá mà, iye rọ́ọ̀nù tó ń wọlé nínú ófà kan ni. Ẹ wo bó ṣe lọ lọ́jọ́ yẹn. Bumrah ti Íńdíà ju ófà kẹrìndínlógún, rọ́ọ̀nù mẹ́rin péré, ó ku 26 nínú 24, èyí tí wọ́n nílò di mẹ́fà àtààbọ̀. Pandya ti Íńdíà ló ju ófà tó kàn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló mú Klaasen ti Gúúsù Áfíríkà tó ti lu 52 jáde, ófà yẹn náà ò ju mẹ́rin lọ, wọ́n wá nílò méje lé díẹ̀. Bumrah padà wá, rọ́ọ̀nù méjì, Jansen tún lọ, ó di 10. Arshdeep fún wọn ní mẹ́rin, ó wá ku 16 nínú ófà kan ṣoṣo. Láti mẹ́fà dé 16 láàárín ófà mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò gba rọ́ọ̀nù kankan lọ́wọ́ wọn, bọ́ọ̀lù ló ń tán! Íńdíà fi rọ́ọ̀nù méje borí.

Bàbá Ìbejì: Ràn-réètì ò le rárá, ẹ fi ófà pín rọ́ọ̀nù. Tí tẹlifíṣọ̀n bá kọ 93 nínú 15.3, ẹ fi 15.3 pín in.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Bàbá Ìbejì, ibẹ̀ yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ófà 15 àti bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni 15.3, bọ́ọ̀lù mẹ́ta sì jẹ́ ìdajì ófà, torí náà 15.5 lẹ máa fi pín in, ẹ ó rí mẹ́fà géérégé. Wáìdì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó jìnnà jù sí ẹni tó ń lù, náà ò sí lára bọ́ọ̀lù mẹ́fà inú ófà, ẹ̀bùn rọ́ọ̀nù kan ni fún ẹni tó ń lù, wọ́n á sì tún un jù.

Àkànjí, ohun tẹ́ ẹ fò ni ìdí tí wíkẹ́ẹ̀tì fi ń gbé réètì sókè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ò tíì mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta lórí ilẹ̀ yẹn, á fi bíi mélòó kan wò ó láì gba nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ò sì pọ̀ mọ́. Ẹnì kan ò sì lè ju ófà mẹ́rin lọ ní T20, ìyẹn ni Rohit Sharma tó jẹ́ kápítẹ́ẹ̀nì Íńdíà lọ́jọ́ yẹn ṣe fi ófà méjì Bumrah pa mọ́ de ìgbà tó gbóná.

Ọmọ Súrùlérè: Èmi ò mọ ti Íńdíà o, àwọn ọmọbìnrin tiwa ni mo fi kọ́ ọmọ mi. January 2025 ní Màléṣíà, àwọn tí ò tíì pé ọdún 19, òjò dín in kù sí ófà 13, Nàìjíríà lu 65, márùn-ún lófà kan. Ọmọ mi ní ṣé èyí tó? Niú Sílàńdì rí 63 gbà, a fi méjì na wọ́n! Ṣé márùn-ún pọ̀ àbí ó kéré?

Ẹ̀gbọ́n Délé: Ó dúró lórí ilẹ̀ àtẹni tó ń jù ú. Níbi tí bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ́ra, márùn-ún tó.

Bàbá Ìbejì: Mo gbọ́ ti 15.3 yẹn. Àmọ́ lójú tèmi, Miller ti Gúúsù Áfíríkà ò kúrò lọ́jọ́ yẹn o, ó dà bíi pé ẹsẹ̀ Suryakumar ti Íńdíà kan ààlà nígbà tó mú bọ́ọ̀lù tí Miller lù.

Àkànjí Bìmíńhámù: Ọ̀gá tó ń wo fídíò wò ó, ó ní kò kàn án.

Bàbá Ìbejì: Kò dá èmi lójú o. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ófà tó kẹ́yìn ni o, ká ní wọ́n fún un ní rọ́ọ̀nù mẹ́fà rẹ̀, 10 ló máa kù nínú bọ́ọ̀lù márùn-ún, Miller á sì ṣì wà níbẹ̀.